Àmì Ibi-a-dé: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Kó Kìkì Ìlà Tó Yí Padà

Àmì ibi-a-dé ni àkókò kan tí ètò kọ̀ǹpútà máa ń kọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kó dátà láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, kí ó lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá tún padà wá. Ó dà bí ìlà ẹrẹ̀ tí àgbàrá máa ń fi sílẹ̀ lára ògiri: ẹni tó bá wò ó yóò mọ ibi tí omi dé, yóò sì mọ̀ pé ohun tó wà lókè ìlà náà kò tíì tutù.

Ká mú ilé iṣẹ́ kan tó ń tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára. Gbogbo ọ́dà tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ wà nínú tábìlì kan tó ń jẹ́ `orders`, nínú dátábéèsì PostgreSQL. Ọ́dà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Lórí ìlà náà ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wà, àti iye owó, àti ipò tí ọ́dà náà wà, àti òpó kan tó ń jẹ́ `updated_at`, níbi tí wọ́n ti ń kọ àkókò tí wọ́n fọwọ́ kan ìlà náà kẹ́yìn. Ìlà 4,000,000 ló wà nínú tábìlì yìí. Àwọn oníṣirò owó kì í wo tábìlì náà tààrà. Ẹ̀dà rẹ̀ tó wà nínú dátábéèsì mìíràn ni wọ́n ń lò, kí ìbéèrè wọn tó wúwo má baà dí oníbàárà tó fẹ́ sanwó lọ́wọ́. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 ni ètò kan máa ń lọ sí orísun láti mú ẹ̀dà náà bá a dọ́gba.

Láàárín ìṣẹ́jú 15, ó lè jẹ́ ìlà 3,000 péré ló yí padà. Bí ètò náà bá ń kó gbogbo 4,000,000 ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, yóò máa fa dátà tí kò yí padà gba orí wáyà lálẹ́ lójúmọ́, sáfà orísun yóò sì máa gbẹ́rù tí kò sídìí fún un ní wákàtí tí ọjà ń tà jù. Àmì ibi-a-dé ló ń jẹ́ kí ó bèèrè ohun tó yí padà nìkan. Bí ìyípo tó kọjá bá fi àkókò 09:59:57 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì, ìbéèrè tó kàn yóò rí báyìí:

```sql
SELECT order_id, status, amount, updated_at
FROM orders
WHERE updated_at > '2025-03-04 09:59:57+01';
```

Ètò náà yóò gba àwọn ìlà tí ìbéèrè yìí mú wá, yóò kọ wọ́n sínú ẹ̀dà, yóò wo `updated_at` tó ga jù lọ láàárín wọn, yóò sì fi ìyẹn ṣe àmì tuntun. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí kò tíì sí àmì kankan, PostgreSQL gbà kí wọ́n kọ `-infinity` sí ibẹ̀, èyí tó kéré ju àkókò èyíkéyìí lọ, nítorí náà gbogbo tábìlì ni yóò wá. Òpó `updated_at` gbọ́dọ̀ ní atọ́ka, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dátábéèsì yóò ka gbogbo ìlà 4,000,000 kó tó rí 3,000 tó fẹ́, a ó sì ti fi ọwọ́ òsì mú èrè tí a fi ọwọ́ ọ̀tún pa sọnù. Atọ́ka náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ o: àtúnṣe gbogbo ló ń yí òpó yìí padà, nítorí náà àtúnṣe gbogbo ló ń kan atọ́ka rẹ̀, kíkọ sínú tábìlì á sì fi díẹ̀ wúwo sí i.

Nínú orísun fúnra rẹ̀ ni àmì tuntun ti gbọ́dọ̀ wá, kì í ṣe láti ara aago ẹ̀rọ tó ń ṣe ìkólọ. Àwọn kan máa ń kọ àkókò tí ètò bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ó parí sílẹ̀, wọ́n á ní ìyẹn ló rọrùn. Bí aago ẹ̀rọ náà bá fi ìṣẹ́jú àáyá 8 yá ju ti sáfà orísun lọ, ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8 wọ̀nyẹn yóò bọ́ sẹ́yìn àmì láì tíì wọlé, ètò kò sì ní padà wá wò wọ́n mọ́. Dátábéèsì ló kọ àkókò sára ìlà. Aago tirẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ìgbà tí wọ́n ń kọ àmì náà pa mọ́ ṣe pàtàkì bákan náà. Bí ètò bá kọ́kọ́ sún àmì síwájú kí ó tó kọ àwọn ìlà sínú ẹ̀dà, tí iná sì lọ láàárín méjèèjì, àmì yóò máa sọ pé àwọn ìlà náà ti wọlé nígbà tí wọn kò wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń pa àmì mọ́ sínú dátábéèsì ẹ̀dà gan-an, tí wọ́n sì máa ń di kíkọ ìlà àti sísún àmì pọ̀ nínú ìdì iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìdì iṣẹ́ ni ọ̀wọ́ àtúnṣe tí dátábéèsì ṣèlérí láti gbà wọlé lápapọ̀ tàbí kí ó dà á nù lápapọ̀. `BEGIN` ló ń ṣí i, `COMMIT` ló ń fọwọ́ sí i. Títí `COMMIT` yóò fi dé, ẹlòmíràn kò lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, ìlà kò wọlé, àmì náà kò sì kúrò níbi tó wà. Ìyípo tó kàn yóò tún wọn kó.

Kí títún-kó má baà di ìlọ́po-méjì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni wọ́n fi ń kọ ìlà sínú ẹ̀dà: bí nọ́ńbà náà bá ti wà níbẹ̀, kí tuntun bo ti tẹ́lẹ̀, bí kò bá sí, kí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìlà tuntun. Nínú gbólóhùn yìí, `batch` ni tábìlì kékeré tí àwọn ìlà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé kọ́kọ́ balẹ̀ sí:

```sql
INSERT INTO orders_copy
SELECT * FROM batch
ON CONFLICT (order_id) DO UPDATE
SET status = EXCLUDED.status,
    amount = EXCLUDED.amount,
    updated_at = EXCLUDED.updated_at;
```

Pẹ̀lú gbólóhùn yìí, kíkó ìlà kan lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò yàtọ̀. Ohun kan náà ni yóò wà nínú ẹ̀dà. Gbogbo ààbò tó kù lórí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé e, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wo àléébù àmì ibi-a-dé sàn ni pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó àwọn ìlà kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àléébù kékeré kan nínú wọn wà ní ẹnu ààlà. Ìlà méjì lè ní àkókò kan náà gẹ́lẹ́, kí ìyípo kan rí ọ̀kan kí ó má sì rí èkejì tó wọlé ní kété lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìyípo tó kàn bá bèèrè ohun tó *ju* àmì lọ, èkejì ti lọ nìyẹn. PostgreSQL máa ń kọ àkókò dé ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà ìpàdé irú èyí kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ àfi tí gbólóhùn kan bá tún ọ̀pọ̀ ìlà ṣe pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú MySQL, òpó `DATETIME` kì í pa ìdá ìṣẹ́jú àáyá mọ́ àfi tí wọ́n bá dìídì ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ́dà tó wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń gba òǹtẹ̀ kan náà. Lílo `>=` dípò `>` ló yanjú èyí: ìyípo tuntun yóò tún àwọn ìlà tó wà lórí ààlà kó, `ON CONFLICT` yóò sì gbà wọ́n láìsí wàhálà.

Àléébù tó ń pa dátà jẹ́ ní ti gidi kò sí ní ẹnu ààlà. Òun ni pé wọ́n máa ń kọ òǹtẹ̀ àkókò sára ìlà *kí* ìlà náà tó di ohun tí ẹlòmíràn lè rí. Nínú PostgreSQL, `now()` kì í sọ àkókò tí wọ́n kọ ìlà, kì í sì í sọ àkókò tí wọ́n fọwọ́ sí i. Àkókò tí ìdì iṣẹ́ *bẹ̀rẹ̀* ló ń sọ, bí ìdì náà ti wù kó pẹ́ tó. Nítorí náà àwọn ìlà kì í hàn síta ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí òǹtẹ̀ wọn fi hàn. Ìlà tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kéré lè jáde lẹ́yìn èyí tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ga.

Ká wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú tábìlì `orders`. Ní 10:14:50, ìdì iṣẹ́ kan ṣí láti sọ ọ́dà 7051 di èyí tí wọ́n ti sanwó rẹ̀. Ó kọ òǹtẹ̀ 10:14:50 sára ìlà náà, lẹ́yìn náà ó dúró de èsì láti ọ̀dọ̀ báńkì, èsì náà sì pẹ́. Ní 10:14:58, ìdì mìíràn ṣí, ó tún ọ́dà 7052 ṣe, ó sì gba `COMMIT` lójú ẹsẹ̀. Ní 10:15:00, ètò ìkólọ dé. Ó rí 7052 pẹ̀lú òǹtẹ̀ 10:14:58. Kò rí àtúnṣe 7051, nítorí pé ìdì rẹ̀ kò tíì gba `COMMIT`. Ìlà àtijọ́ ni dátábéèsì fi hàn án, ti àtijọ́ náà kò sì kọjá àmì tẹ́lẹ̀. Ètò náà kó ohun tó rí, ó sì sún àmì dé 10:14:58. Ní 10:15:20, báńkì dáhùn, 7051 gba `COMMIT`, ó sì hàn síta pẹ̀lú òǹtẹ̀ 10:14:50. Nígbà tí ètò ìkólọ padà dé ní 10:30:00, ohun tó tó 10:14:58 tàbí tó jù ú lọ ló bèèrè. Ọ́dà 7051 ti wà lẹ́yìn àmì.

Láti ìgbà náà, owó tó ti wọ àpò ilé iṣẹ́ kò sí nínú ẹ̀dà tí àwọn oníṣirò owó ń lò. Kò sí àṣìṣe kankan tó hàn. Ètò náà parí iṣẹ́ rẹ̀ láyọ̀ ní ìyípo méjèèjì. Àfi tí ẹnìkan bá tún fọwọ́ kan ọ́dà 7051, ẹ̀dà yóò máa pè é ní ọ́dà tí wọn kò sanwó rẹ̀ títí ayé. Èyí ló fà á tí irú àléébù yìí fi lè pẹ́ nínú ilé kí wọ́n tó mọ̀: ọ́dà tó ń yí padà léraléra máa ń wo ara rẹ̀ sàn, èyí tó ti dé òpin ìrìn rẹ̀ ló ń kù sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń rò pé kí wọ́n fi `clock_timestamp()` rọ́pò `now()` ti tó. Ó dín àlàfo náà kù lóòótọ́, nítorí pé àkókò gan-an tí wọ́n kọ ìlà ló ń sọ, ṣùgbọ́n láàárín kíkọ àti `COMMIT` ìdúró ṣì lè wà. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ẹ̀yìn tí wọ́n kọ ìlà tán ni ìdúró de báńkì wáyé, nítorí náà àyípadà yìí kò ní ran 7051 lọ́wọ́.

Oògùn tó wọ́pọ̀ jù ni kí ìbéèrè máa padà sẹ́yìn àmì díẹ̀. Dípò kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 10:14:58, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 30 ṣáájú rẹ̀:

```sql
WHERE updated_at >= TIMESTAMPTZ '2025-03-04 10:14:58+01'
                    - INTERVAL '30 minutes'
```

Iye ìlà tí ìyípo kọ̀ọ̀kan ń kó yóò di ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nǹkan bí 9,000 dípò 3,000, èyí tó ṣì kéré jọjọ sí 4,000,000. Ọ́dà 7051 yóò wọlé ní 10:30:00. Ìbéèrè tó kù ni bí ó ti yẹ kí ìpadàsẹ́yìn náà gùn tó, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìwà orísun: ó gbọ́dọ̀ gùn ju ìdì iṣẹ́ tó pẹ́ jù lọ tó ń kọ sínú tábìlì náà. Bí iṣẹ́ òru kan bá wà tó máa ń ṣí ìdì kan ṣoṣo fún wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 30 kò tó, àwọn ìlà tó bá kọ yóò sì sọnù lọ́wọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ yan iye náà ní láti lọ bá àwọn tó ni orísun sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fojú dá.

Ọ̀nà kejì kò nílò ìdíwọ̀n. Kí ètò tó ka tábìlì, kí ó kọ́kọ́ bi dátábéèsì pé, nínú àwọn ìdì tó ṣì ṣí sílẹ̀, ìgbà wo ni èyí tó pẹ́ jù ti bẹ̀rẹ̀:

```sql
SELECT min(xact_start)
FROM pg_stat_activity
WHERE datname = current_database();
```

Ní 10:15:00, èsì rẹ̀ yóò jẹ́ 10:14:50, bí kò bá sí ìdì mìíràn tó ti ṣí ṣáájú ti 7051. Ètò náà yóò wá kó kìkì ìlà tí òǹtẹ̀ wọn kéré sí èyí, yóò sì fi 10:14:50 ṣe àmì. Kò sí ìdì kankan tó lè wá jáde lẹ́yìn náà pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó kéré sí 10:14:50, nítorí pé gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti parí, èyí tó sì máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè yóò gba òǹtẹ̀ tó ga ju ti ìbéèrè lọ. 7052 yóò dúró di ìyípo tó kàn. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọnù.

Ohun méjì ló lè ba ọ̀nà yìí jẹ́. Bí ìdì kan bá wà tí ẹnìkan ṣí tó sì gbàgbé, àmì kò ní kúrò lójú kan, ẹ̀dà yóò sì máa gbó. Èyí á hàn kíákíá, ó sì ṣeé tún ṣe. Èkejì burú jù. Orúkọ tí ètò fi wọ dátábéèsì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ `pg_read_all_stats`. Bí kò bá ní in, dátábéèsì yóò fi òfìfo dáhùn fún ìdì àwọn ẹlòmíràn, `min` a sì máa fo òfìfo. Èsì yóò wá, yóò jọ èsì gidi, ṣùgbọ́n ìdì tirẹ̀ nìkan ni yóò ti wò. Bákan náà, gbogbo ọ̀nà yìí dúró lórí pé dátábéèsì fúnra rẹ̀ ló ń kọ òǹtẹ̀. Níbi tí purogiráàmù òde bá ti ń fi aago tirẹ̀ kọ `updated_at`, ìpadàsẹ́yìn nìkan ló ṣeé gbára lé.

Èyí mú ọ̀rọ̀ dé orí òpó náà gan-an. Àmì ibi-a-dé kò lè jẹ́ olóòótọ́ ju `updated_at` lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ètò tó ń tajà ló ń tún òpó yìí kọ, nítorí náà nígbà tí òṣìṣẹ́ kan bá wọ dátábéèsì tààrà láti dín iye owó ọ́dà 200 kù, owó yí padà, òǹtẹ̀ kò yí padà, ẹ̀dà kò sì mọ nǹkan kan. Ààbò rẹ̀ ni kí wọ́n fi iṣẹ́ kíkọ òǹtẹ̀ lé dátábéèsì lọ́wọ́, kí ọ̀nà tí àtúnṣe gbà wọlé má ṣe já mọ́ nǹkan:

```sql
CREATE TRIGGER orders_updated_at
BEFORE INSERT OR UPDATE ON orders
FOR EACH ROW EXECUTE FUNCTION set_updated_at();
```

Iṣẹ́ tí `set_updated_at` ń ṣe kò ju pé kí ó fi `now()` sínú `NEW.updated_at`, kí ó sì dá ìlà padà. Òpó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ `NOT NULL` pẹ̀lú, torí pé ìlà tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣófo kò tóbi ju àmì kankan lọ, kò sì dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ìyípo tí yóò mú un láé. Irú òpó tó yẹ ni `timestamptz`. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Èkó lè má rí ìyàtọ̀, nítorí pé aago Nàìjíríà kì í yí láàárín ọdún. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n máa ń dá aago padà láti agogo 2 òru sí agogo 1. Bí òpó bá ń pa aago ògiri mọ́ láìsí àmì agbègbè, wákàtí kan ló wà tí òǹtẹ̀ tuntun yóò máa kéré sí àmì tó ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ wákàtí náà yóò sì bọ́ sílẹ̀.

Ohun kan wà tí òpó yìí kò lè sọ rárá, ìyẹn ni píparẹ́. Ìlà tí wọ́n bá fi `DELETE` yọ kò sí níbẹ̀ mọ́ tí yóò fi ní òǹtẹ̀ tuntun, nítorí náà yóò máa wà nínú ẹ̀dà lọ. Níbi tí wọ́n bá ti lè bá àwọn tó ni orísun ṣàdéhùn, wọn kì í yọ ìlà. Òpó `deleted_at` ni wọ́n ń kọ àkókò sí, èyí sì jẹ́ àtúnṣe tí àmì yóò rí. Níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe, ètò ní láti máa kó nọ́ńbà ìdánimọ̀ gbogbo ìlà lẹ́ẹ̀kan lóru, kí ó sì yọ èyí tí kò sí ní orísun mọ́ kúrò nínú ẹ̀dà. Nọ́ńbà 4,000,000 láìsí àwọn òpó yòókù kì í ṣe ẹrù ńlá. Bí píparẹ́ bá pọ̀, tàbí tí ilé iṣẹ́ bá nílò láti mọ gbogbo ipò tí ọ́dà kan gbà kọjá láàárín ìṣẹ́jú 15, àmì ibi-a-dé kì í ṣe irinṣẹ́ tó yẹ mọ́, torí pé ipò ìkẹyìn nìkan ló ń rí. Àwọn ètò bíi Debezium, tó ń ka ìwé àkọsílẹ̀ tí dátábéèsì fúnra rẹ̀ ń kọ nípa gbogbo `COMMIT`, ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ́jú wọn gba agbára ju ìbéèrè kan lọ.

Nítorí pé ìlà tó sọnù kì í pariwo, kíkà ló ń tú u fó. Lóru, lẹ́yìn tí ìyípo bá ti parí, ètò àyẹ̀wò yóò ka iye ọ́dà àti àròpọ̀ owó fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dá ọ́dà sílẹ̀, àti iye tó wà ní ipò kọ̀ọ̀kan, ní orísun àti nínú ẹ̀dà. Ọjọ́ tó ti kọjá ló yẹ kí wọ́n fi wéra, kì í ṣe òní tó ṣì ń yí lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tí wọ́n bá rí máa ń tọ́ka sí ibi tí àléébù wà. Bí iye ọ́dà bá dọ́gba ṣùgbọ́n tí ẹ̀dà ní ọ́dà tí wọn kò sanwó rẹ̀ ju ti orísun lọ, ìtàn 7051 ni. Bí ẹ̀dà bá ní ìlà ju orísun lọ, píparẹ́ ni. Bí owó bá yàtọ̀ tí òǹtẹ̀ ìlà náà sì dọ́gba níbi méjèèjì, ẹnìkan ti tún un ṣe láìkọ `updated_at`. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí ìyàtọ̀ lórí rẹ̀ nìkan ni wọn yóò tún kó lódindi, àmì yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ibi tó wà.